Bí Ẹ̀kọ́ Ṣe Kúrò Lẹ́nu Òǹkọ̀wé

Phaedrus, ará Róòmù tó fi ewì kọ ìtàn àwọn ẹranko ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Kírísítì, kì í fi ẹ̀kọ́ ìtàn rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn á fi í ṣíwájú, nígbà mìíràn á fi í kádìí. Ìtàn ìkookò àti ọ̀dọ́ àgùntàn ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì wá mumi létí odò kan náà, ìkookò dúró lápá òkè, àgùntàn wà nísàlẹ̀. Ìkookò bi í pé kí ló dé tó ń da omi òun rú. Àgùntàn ní báwo lòun ṣe lè dà á rú, ṣebí láti ọ̀dọ̀ ìkookò lomi ti ń ṣàn bọ̀ wá bá òun? Ìkookò tún wá ẹ̀sùn mìíràn, ìyẹn náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ló bá kúkú pa á jẹ. Ìgbà náà ni Phaedrus wá sọ fún wa pé nítorí àwọn tó ń fi ẹ̀sùn èké ni aláìṣẹ̀ lára lòun ṣe kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán kí Phaedrus tó lanu. Ẹni tó bá ti rí ibi tí ìkookò dúró sí ti mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ohun méjì ló wà nínú ìtàn kúkurú yìí: ohun tí ojú rí, ìyẹn omi, àti ohun tí ẹnu òǹkọ̀wé fi kún un. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó ń sọ ìtàn láìfi ẹ̀kọ́ kádìí láyé ìgbà náà o. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn òǹkọ̀wé kan ní Yúróòpù wá sọ ọ́ di ìlànà pé kí òǹkọ̀wé pa ẹnu mọ́, kí ohun tí ojú rí máa padà wá léraléra, kó sì máa ru ẹrù ìtàn lọ. Kò dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbé ẹnì kan dé kóòtù.

Gustave Flaubert, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn àròsọ rẹ̀ “Madame Bovary” lọ́dún 1851. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1852, ó kọ lẹ́tà sí Louise Colet, akéwì tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, pé ó yẹ kí òǹkọ̀wé wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe wà láyé: kó wà níbi gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún sọ lẹ́nu. Bó ṣe ṣe é gan-an ló yẹ ká wò.

Emma, obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ ni. Nínú yàrá, ó rí ìdì òdòdó ọsàn kan nínú ìgò, tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù funfun dì. Òdòdó ìgbéyàwó ni, ṣùgbọ́n ti ìyàwó àkọ́kọ́ tó ti kú ni. Ọkọ rẹ̀ rí ibi tójú rẹ̀ wà, ó gbé e, ó sì lọ tọ́jú rẹ̀ sókè àjà. Emma jókòó, ó ń ronú nípa ti tirẹ̀ tó wà nínú páálí, pé bí òun náà bá kú, kí ni wọn yóò fi ṣe? Kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, ìtàn sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Orí bíi mélòó kan kọjá. Ayé ti sú Emma, wọ́n fẹ́ kó kúrò nílùú náà, ó wá ń palẹ̀ inú dúrọ́ọ̀ kan mọ́. Nǹkan gún un níka: okùn wáyà tó wà lára ìdì òdòdó ìgbéyàwó tirẹ̀ ni. Eruku ti sọ òdòdó náà di pupa rúsúrúsú, rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ń ya létí. Ó jù ú síná, ó sì dúró wò ó bó ṣe ń jó. Àwọn èso kékeré tí wọ́n fi páálí ṣe ń bẹ́, wáyà ń lọ́, àwọn ewé òdòdó tí wọ́n fi bébà ṣe ń fò lókè iná bíi labalábá dúdú, títí wọ́n fi bá ihò èéfín jáde. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé nígbà tí wọ́n kúrò nílùú náà lóṣù Kẹta, Emma ti lóyún. Flaubert kò fi ọ̀rọ̀ kankan so méjèèjì pọ̀.

Ó tún wá di apá kẹta ìwé. Emma ti kọ lẹ́tà sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Léon láti fi sọ pé òun kò ní bá a rìn. Kò fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, òun àti Léon wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan ní Rouen, wọ́n fa kọ́tìnnì rẹ̀ bò, kẹ̀kẹ́ náà sì ń yí ìlú ká láìdúró. A kò rí inú rẹ̀ rárá. Nígbà tó di ọ̀sán, ọwọ́ kan yọ lábẹ́ kọ́tìnnì, ó ju àjákù bébà síta, atẹ́gùn sì fọ́n wọn ká bíi labalábá funfun sórí pápá kan tí òdòdó rẹ̀ pupa. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ni.

Òdòdó bébà ló kọ́kọ́ fò, ó dúdú, iná ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà fò, òun funfun. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí Emma jẹ́ fún ọkọ, èkejì jẹ́ èyí tó fẹ́ jẹ́ fún ara rẹ̀. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ o, Flaubert kò sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ìgbàkígbà tí ohun náà bá yọjú, iṣẹ́ tirẹ̀ ló wá ṣe. Òkú ìyàwó ló fi ìdì òdòdó sílẹ̀. Ẹrù kíkó ló mú kó jáde nínú dúrọ́ọ̀. Lẹ́tà tí a kò fi jíṣẹ́ kò wúlò mọ́, èèyàn á ya á. Bí òǹkàwé kò bá tilẹ̀ rántí labalábá àkọ́kọ́, kò sí ohun tó ṣe ìtàn náà. Bó bá rántí, àyà rẹ̀ á já díẹ̀, ó sì lè má mọ ohun tó já a.

Ìwé ìròyìn “Revue de Paris” ló kọ́kọ́ tẹ ìtàn náà jáde, lápá lápá, lọ́dún 1856. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì gé ìran kẹ̀kẹ́ ẹṣin náà kúrò. Gígé ò gbà wọ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1857, Flaubert dé kóòtù ní Paris, ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni pé ó tàbùkù sí ìwà ọmọlúàbí àti ẹ̀sìn. Ernest Pinard, agbẹjọ́rò ìjọba, béèrè ìbéèrè kan tó fi hàn pé ó ka ìwé náà dáadáa: ta ló wà nínú ìwé yìí tó lè dá obìnrin yìí lẹ́bi? Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, kò rẹ́nì kankan. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí Phaedrus ti máa ń sọ̀rọ̀ ṣófo.

Jules Sénard, tó gbẹjọ́ Flaubert rò, dáhùn pé ìwé náà ń mú kéèyàn sá fún ìwàkiwà nípa bó ṣe ń fi ohun burúkú tó ń bá a rìn hàn. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó lè gba òǹkọ̀wé tí kò sọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀, agbẹjọ́rò rẹ̀ ní láti bá a sọ ọ́. Kóòtù dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, wọ́n sì bá a wí díẹ̀ sí i. Sénard náà ni Flaubert ya ìwé náà sí mímọ́ fún.

Lọ́dọ̀ àwọn olórin, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Richard Wagner ṣe eré olórin rẹ̀ alápá mẹ́rin nípa òrùka ní Bayreuth, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1876. Nínú rẹ̀, ohùn orin kúkurú kan máa ń padà wá bí ènìyàn kan tàbí ohun kan bá kàn án. Orin idà dún ní ìparí apá àkọ́kọ́ nígbà tí ìtàn kò tíì sọ nǹkan kan nípa idà. Apá kejì la tó mọ̀. Ọdún yẹn náà ni Hans von Wolzogen tẹ ìwé atọ́nà kan jáde tó fún ohùn orin kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ó wúlò fún àwọn tó wá wòran, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀yìnkùlé ló gbà dá Phaedrus padà.

Anton Chekhov, ará Rọ́ṣíà tó tún jẹ́ dókítà, ló fún ìlànà yìí ní èdè tó yéni jù. Lọ́dún 1890, Alexei Suvorin, olóòtú ìwé ìròyìn tó ń tẹ ìtàn rẹ̀, fẹ̀sùn kàn án pé kò bìkítà nípa rere àti búburú, torí pé ó kọ ìtàn àwọn olè ẹṣin láìbá wọn wí. Chekhov fèsì pé Suvorin fẹ́ kí òun sọ pé jíjí ẹṣin kò dára, ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ni gbogbo ayé ti mọ ìyẹn láìsí òun. Kí àwọn tó ń dájọ́ dá wọn lẹ́jọ́. Iṣẹ́ tòun ni láti fi irú ẹni tí wọ́n jẹ́ hàn. Ó ní òun fọkàn tán àwọn òǹkàwé pé wọn á fi ohun tó kù kún un.

Lọ́dún 1899 ló tẹ ìtàn obìnrin tó ní ajá kékeré jáde. Gurov, ọkùnrin oníyàwó, pàdé Anna, obìnrin tó lọ́kọ, ní Yalta létí òkun. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Gurov rántí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹyinjú rẹ̀ tó rẹwà, tó ní àwọ̀ eérú. Wọ́n pínyà, kò lè gbàgbé rẹ̀, ló bá wá a lọ sí ìlú rẹ̀. Nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó gbà, aṣọ àwọn ológun tó ní àwọ̀ eérú ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Eruku ti sọ ìkòkò tàdáwà orí tábìlì di aláwọ̀ eérú. Ní iwájú ilé Anna, ọgbà gígùn kan wà, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n kan ìṣó sí. Ó padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ó jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n fi kúbùsù aláwọ̀ eérú bò, bíi ti ilé ìwòsàn. Nígbà tí ìtàn ń lọ sópin, Anna dúró dè é ní Mosko nínú aṣọ tí Gurov fẹ́ràn jù, aláwọ̀ eérú, Gurov sì wo dígí, ó rí i pé orí òun ti ń hu ewú.

Níbi tó ti sún mọ́ àlàyé jù lọ, ọgbà yẹn ni: Gurov wò ó, ó sì rò ó lọ́kàn pé irú ọgbà báyìí, èèyàn á sá fún un. Ọgbà ló ń sọ, kò sọ ti ìgbéyàwó, kò sì sọ ti ayé. Bí Chekhov bá fi gbólóhùn kan ṣoṣo kún un pé ayé Anna rí bí ọgbà náà, kúbùsù ò ní ríṣẹ́ ṣe mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti Wolzogen nínú ìtàn yìí, kó ní àwọ̀ eérú dúró fún ayé tó súni, ẹyinjú Anna ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró, aṣọ tí Gurov fẹ́ràn yóò sì tẹ̀ lé e. Àwọ̀ ohun tó fà á mọ́ra ni, àwọ̀ ohun tó há obìnrin náà mọ́ náà sì ni. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ti máa ń bàjẹ́ mọ́ àwọn tó ń fara wé e lọ́wọ́: wọ́n á mú ohun kan, ẹyẹ tàbí òjò, wọ́n á fún un ní ìtumọ̀ kan, wọ́n á sì máa fi ránṣẹ́ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ sunkún. Ọ̀nà láti dá a mọ̀ kò le. Ẹ yọ ohun náà kúrò nínú ìran tó ti yọjú. Bí kò bá sí nǹkan kan tó yingin nínú ohun tí àwọn èèyàn náà ń ṣe, bí kò sí ìka tí wáyà gún, tí kò sí ibùsùn tẹ́nikẹ́ni fẹ́ jókòó lé, a jẹ́ pé òǹkọ̀wé ló gbé e síbẹ̀ láti máa gbẹnu sọ fún òun.