Kílò Mẹ́ta Tó Kẹ́yìn Lára Ẹni Tó Ti Ń Gbé Irin Tipẹ́

Ẹni tó sanra lè fi kílò kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan kí agbára rẹ̀ má yẹ̀. Ti ẹni tó ti ń gbé irin fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìlà ikùn rẹ̀ sì ti ń hàn díẹ̀díẹ̀, yàtọ̀. Ọ̀rá tó kù tí ara rẹ̀ lè máa jẹ kò pọ̀ mọ́. Bó bá gé oúnjẹ lójijì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú iṣan tó ti fi ọdún gbáko kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n rọra ṣe é ní ìparí, kódà bí ayẹyẹ bá ti ń sún mọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó wọn kílò 82, tó fẹ́ dé 79. Ó ń gbé irin kílò 140 lé èjìká, ó ń fi lóṣòó, ó sì ń dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo fẹ́ kó máa fi nǹkan bíi gíráàmù 300 sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 400 lọ. Ó máa gbà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10. Ìyẹn jẹ́ kálórì bíi 330 tí yóò dín kù lójúmọ́, kò sì pọ̀ rárá: ṣíbí ìjẹun méjì òróró nínú ọbẹ̀ ti kó 240, ẹ̀pà díẹ̀ lọ́wọ́ á sì kó ìyókù. Kò ní láti sá fún iyán tàbí àmàlà. Ohun tí kò gbọdọ̀ dín ni amúaradàgbà, gíráàmù 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí 165 lójúmọ́. Ẹyin mẹ́rin á mú 24 wá, àyà adìyẹ sísè gíráàmù 300 á mú 90, ẹja gíráàmù 200 á mú bí 40. Mọ́ínmọ́ín á dí ìyókù.

Níbi irin ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ju irin wúwo sílẹ̀, wọ́n á gbé èyí tó fúyẹ́, wọ́n á máa gbé e lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, torí wọ́n rò pé ìyẹn ló ń mú ìlà ara yọ. Oúnjẹ ló ń mú ìlà yọ. Irin wúwo ló ń sọ fún ara pé iṣan yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, kó má ṣe jẹ ẹ́. Nítorí náà, kílò 140 yẹn á dúró síbẹ̀. Iye sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbé irin lẹ́ẹ̀marùn-ún yẹn kó tó sinmi, ni kó dín, torí oúnjẹ tó kéré kì í jẹ́ kí ara tètè sinmi tán. Bó bá ń ṣe sẹ́ẹ̀tì márùn-ún tẹ́lẹ̀, kó ṣe mẹ́ta.

Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rá ló ń lọ? Kó gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti ti ilé ìyàgbẹ́ dé, kó ro ọjọ́ méje pọ̀, kó pín in sí méje. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ alẹ́ àná nìkan lè fi omi bíi kílò kan kún un, torí náà kó má fi òwúrọ̀ kan ṣèpinnu. Bí àròpín yẹn kò bá sọ̀kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó yọ kálórì 100 sí i, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí tí mo gbà jù ni fífa ara ẹni sókè lórí irin àgbékọ́. Ká ní ó ń so kílò 20 mọ́ ìdí, tó ń fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún nígbà tó wọn 82: kílò 102 ló ń fà. Bó bá dé 79 tí kílò 20 náà ṣì ń fún un lẹ́ẹ̀marùn-ún péré, 99 ló ń fà. Agbára ti dín kù, bó tilẹ̀ dà bíi pé ohunkóhun ò yí padà. Ó yẹ kó lè so bíi 23. Ti ìdùbúlẹ̀ lórí bẹ́ńṣì láti ti irin sókè yàtọ̀. Ó máa ń já díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bí àyà àti apá bá ti tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn nìkan kò tó láti dẹ́rù bà wọ́n.

Ṣùgbọ́n bí ìlóṣòó àti ìfàsókè bá jọ já fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ léra wọn, tí oorun sì ń já lójú rẹ̀, kó dáwọ́ ìdínkù dúró. Kó padà sí ìwọ̀n oúnjẹ tí kì í mú un sanra tí kì í mú un rù fún ọjọ́ 7 sí 14, kó fi iṣu àti ìrẹsì dá a padà. Òṣùwọ̀n á gòkè bíi kílò kan. Omi tí iṣan fà mọ́ oúnjẹ afáralókun ni, kì í ṣe ọ̀rá. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fòpin sí ìdínkù náà pátápátá, kó sì lọ rí dókítà.

Bó bá dé 79, kó dá ṣíbí òróró kan padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó dá ìkejì àti ẹ̀pà padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìgbà tí oúnjẹ bá ti pé tán ni kó tó dá sẹ́ẹ̀tì méjì tó yọ padà, ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan.