Kọ́mà kì í ṣe ibi tí a ti ń mí

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo ti mí ni mo fi kọ́mà sí." Ohun tí ọmọkùnrin àdúgbò wa kan níbí ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sọ fún mi nìyẹn, nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí kọ́mà mẹ́rin ń ṣe nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó kó àròkọ rẹ̀ wá kí n bá a wò ó kí ó tó fi sílẹ̀ fún olùkọ́. Kò parọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ èmi nígbà tèmi, mo sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàdédé wáyé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, Arisitófánì ará Bisáńtíọ́mù, tó ṣe olórí ilé-ìkàwé ńlá ìlú Alẹkisáńdíríà, fi dọ́ọ̀tì sára ìwé ní ipò mẹ́ta: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Dọ́ọ̀tì wọ̀nyí ń sọ fún ẹni tó ń kàwé sókè bí ìdánudúró rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Etí ni wọ́n ń kàwé fún nígbà náà. Lónìí, ojú la fi ń kà á, iṣẹ́ kọ́mà sì ti yí padà. Ó ń fi hàn wá bí apá kan nínú gbólóhùn ṣe bá apá kejì tan. Ẹni tó sáré dé àti ẹni tó ti jókòó láti àárọ̀ kì í mí bákan náà, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà, ibì kan náà ló yẹ kí kọ́mà wọn wà.

Ohun tí ọmọ náà kọ rèé:

"Àkàbà Ìdènà wà ní Kétu, ó jẹ́ ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́, ogun Dànhòmẹ̀ kó ìlú ní 1886, àwọn èèyàn padà wá tún un tẹ̀ dó, odi náà ti wó níbi púpọ̀."

Mo ní kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn kọ́mà àkọ́kọ́, kí ó sì ka ohun tó kù. "Àkàbà Ìdènà wà ní Kétu." Ọ̀rọ̀ pé. Mo ní kí ó wá bo apá òsì kí ó ka apá ọ̀tún títí dé kọ́mà kejì. "Ó jẹ́ ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́." Ọ̀rọ̀ tún pé. Níbi tí apá méjèèjì bá ti lè dá dúró báyìí, kọ́mà nìkan kò tó láti so wọ́n pọ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ dé òpin, a sì rí i pé gbólóhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ká ní kò fi àmì kankan sí i rárá, tó kàn jẹ́ kí wọ́n ya lu ara wọn, àṣìṣe kan náà ni ìbá jẹ́, àtẹ́lẹwọ́ kan náà ni ìbá sì tú u fó.

Àmì kan wà tí ojú lè tètè mú: kọ́mà tí "ó", "wọ́n", "mo" tàbí "a" tẹ̀ lé. Bí o bá rí i, dúró kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lẹ́bi. "Nígbà tí ó dé ẹnubodè, ó sọ ẹrù kalẹ̀" dára, torí pé "nígbà tí ó dé ẹnubodè" kò lè dá dúró. Ẹni tó bá sọ ọ́ tó sì dákẹ́, a óò máa wo ẹnu rẹ̀ ni.

Àtúnṣe tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kí ó sọ gbogbo kọ́mà di àmì ìparí gbólóhùn. Kò sí àṣìṣe mọ́, ṣùgbọ́n ó wá dà bí ẹni ń ka iṣu: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Òǹkàwé kò mọ èyí tó fa èyí, tàbí èyí tó ta ko èyí. Ohun tó mú mi bínú sí kọ́mà wọ̀nyẹn gan-an nìyẹn. Wọ́n jẹ́ kí òǹkọ̀wé sá fún ìbéèrè tó yẹ kí ó dáhùn: kí ni gbólóhùn yìí ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀?

A wá ń bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kejì kò ṣe ju pé ó ń júwe Àkàbà Ìdènà lọ, nítorí náà a sọ ọ́ di àpèjúwe lásán: "Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́, wà ní Kétu." Kọ́mà méjèèjì tọ́ síbẹ̀, torí pé ohun tó wà láàárín wọn kò lè dá dúró. Ẹ̀kẹta sọ àsìkò, a sì fún un ní "nígbà tí" tàbí "lẹ́yìn tí". Ẹ̀kẹrin ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹ wo "padà wá tún un tẹ̀ dó": ọ̀rọ̀-ìṣe tò lé ara wọn, olùwà kan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn, kò sì nílò kọ́mà kankan. Èdè wa fún wa ní àtúnṣe yìí lọ́fẹ̀ẹ́. "Ó gbé igbá, ó lọ sọ́jà" lè di "Ó gbé igbá lọ sọ́jà", ìjà sì parí.

Ó fẹ́ fi "àti" so ẹ̀kẹrin mọ́ ẹ̀karùn-ún. Mo dá a dúró. "Àti" ń so iṣu pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Kì í so gbólóhùn pọ̀ mọ́ gbólóhùn. "Mo lọ sọ́jà àti mo ra iṣu" kì í ṣe Yorùbá. "Sì" ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yìn olùwà ló sì ń jókòó sí: "Mo lọ sọ́jà, mo sì ra iṣu." Lẹ́yìn náà ló ní kí òun fi "nítorí pé" sí i, kí ó lè jẹ́ pé odi wó nítorí pé ogun kó ìlú. Mo bi í bóyá ó dá a lójú pé ogun ló wó o, kì í ṣe òjò àti ọjọ́ orí. Kò dá a lójú. A yọ ọ́ kúrò, torí pé ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tí kò jóòótọ́ burú ju kọ́mà tó ṣi ibi jókòó sí lọ.

Ó ku àmì kan, kọ́mà tí ó ru dọ́ọ̀tì lórí. Àárín gbólóhùn méjì tó pé, tí wọ́n dojú kọ ara wọn láìsí ọ̀rọ̀ ìsopọ̀, ló ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan péré la lò ó. Ohun tó kọ nígbẹ̀yìn rèé:

"Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́, wà ní Kétu. Lẹ́yìn tí ogun Dànhòmẹ̀ kó ìlú ní 1886, àwọn èèyàn padà wá tún un tẹ̀ dó. Odi náà ti wó níbi púpọ̀; ẹnubodè ṣì dúró."

Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn kejì gùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé gbà pé gígùn ni ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n "Òjò rọ̀, a sá wọlé" kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ, àṣìṣe náà sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i fún àwọn ọmọ wa ní Bẹ̀nẹ̀ torí èdè tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Faransé gba kí kọ́mà so gbólóhùn kéékèèké tó bára dọ́gba, olùkọ́ Faransé sì lè má sọ nǹkan kan. Ọmọ náà a gbé e lọ sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, bíírò pupa a sì bá a níbẹ̀, torí pé Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gbà á nínú àròkọ.

Kí ó tó dìde, ó rántí òwe tó fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ náà. "Ẹ̀gbọ́n, 'Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a' ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i nínú ìwé." Ó tọ̀nà. Kọ́mà àkọ́kọ́ inú òwe yẹn ń so gbólóhùn méjì tó pé. Ẹnu ni òwe ti wá, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde sì ń tẹ̀ lé ohùn. Gbogbo wa la ti mọ bí apá méjèèjì ṣe tan kí a tó kà á, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìtàn Àkàbà Ìdènà kò tíì mọ̀. Mo ní kí ó fi òwe náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò ó títí, ó sì fi bíírò ru dọ́ọ̀tì kékeré kan lé kọ́mà àkọ́kọ́ lórí.