Onígbèsè tí a ti pa gbèsè rẹ̀ rẹ́ padà wá sanwó: ibo ni kí a kọ owó náà sí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń kọ ìwé owó ní ṣọ́ọ̀bù páànù ìkọ́lé kan ní ọjà Odùnadé, Ọ̀rílé. Oníbàárà kan jẹ wá ní ₦480,000. A wá a títí, a ò rí i, ni ọ̀gá wa bá ní kí n pa gbèsè náà rẹ́ nínú ìwé ní oṣù kọkànlá 2024. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2025, àfi bí alẹ́ẹ̀tì ₦300,000 ṣe wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ dá gbèsè náà padà sínú ìwé kí n tó kọ owó. Kí ni mo tún ń jí òkú gbèsè dìde sí, nígbà tí owó ti wà ní báńkì?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí alẹ́ẹ̀tì yẹn wọlé. Ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní san mọ́. Ó wá hàn pé ẹ ṣì í gbà. Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Èkejì ni pé ó sanwó. Bí o bá kọ owó nìkan, ìwé rẹ sọ ọ̀kan, ó sì fi ọ̀kan pa mọ́.

Jẹ́ ká padà sí oṣù kọkànlá yẹn ná. Ohun tí o kọ nígbà náà ni dẹ́bíìtì sí àlàwọ́ǹsì gbèsè, kírẹ́dìtì sí àkáǹtì oníbàárà, ₦480,000. Má jẹ́ kí orúkọ àlàwọ́ǹsì yìí tàn ọ́: kì í ṣe owó kankan tí ẹ tọ́jú síbì kan. Iye tí ẹ fojú bù pé kò ní wọlé nínú gbogbo gbèsè tó wà níta ni, tí ẹ sì ti kà sí ìnáwó ṣáájú. Nígbà tí gbèsè ọkùnrin náà kú, ara àlàwọ́ǹsì yẹn lẹ ti gé e. Láti ọjọ́ náà, òdo ló wà nínú àkáǹtì rẹ̀.

Wàyí o, bí o bá gbé ₦300,000 lọ tààrà sí àkáǹtì tí òdo wà nínú rẹ̀, kí ni lẹ́jà máa sọ? Á sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní ₦300,000. Mo ṣe irú rẹ̀ rí níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń dúró ti ọjà ṣí lẹ́jà, ó rí báláǹsì ní ọwọ́ kírẹ́dìtì, ó rò pé oníbàárà ti san owó ọjà tuntun sílẹ̀. Ó kó ọjà fún un. Oníbàárà kò parọ́ fún ẹnì kankan. Ìwé tí mo kọ ló parọ́. Nítorí náà, tí o bá ń ka àkójọ àwọn onígbèsè yín lóṣooṣù, tí o rí ẹni tí báláǹsì rẹ̀ bọ́ sí òdìkejì, má fojú fò ó. Wò ó bóyá gbèsè rẹ̀ ti di pípa rẹ́ rí.

Báyìí lo ṣe máa kọ ọ́. Àkọ́kọ́, o dá gbèsè padà, o yí ohun tí o kọ ní oṣù kọkànlá sódì:

Dẹ́bíìtì: àkáǹtì oníbàárà, ₦300,000
Kírẹ́dìtì: àlàwọ́ǹsì gbèsè, ₦300,000

Lẹ́yìn náà lo kọ owó, bí o ṣe máa ń kọ owó oníbàárà èyíkéyìí:

Dẹ́bíìtì: báńkì, ₦300,000
Kírẹ́dìtì: àkáǹtì oníbàárà, ₦300,000

Àkáǹtì rẹ̀ padà sí òdo, ṣùgbọ́n ìtàn ti wà nínú rẹ̀: ó jẹ gbèsè, a pa á rẹ́, a dá a padà, ó san. Lọ́dún tó ń bọ̀, tó bá tún wá tọrọ páànù láwìn, ohun tí ọ̀gá rẹ máa fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Bí o bá fo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, tí o kọ owó láti báńkì lọ sí àlàwọ́ǹsì lẹ́ẹ̀kan náà, àròpọ̀ ìwé ò ní yẹ̀ o. Èyí ló fi ń tan àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n lójú lẹ́jà, ọkùnrin náà kò san kọ́bọ̀ rárá, yóò sì máa jẹ́ ẹni tó jẹ gbèsè sá lọ títí ayé.

Ìbéèrè: Tí mo bá dá a padà, ṣé kì í ṣe pé mo ń wú owó ṣọ́ọ̀bù wa lórí ìwé?

Ìdáhùn: Rárá. Jẹ́ ká fi iye dán an wò. Ká ní ní àárọ̀ ọjọ́ 18 yẹn, gbèsè tó wà níta jẹ́ ₦5,200,000, àlàwọ́ǹsì sì jẹ́ ₦520,000. Ohun tí ẹ ń retí ní tòótọ́ jẹ́ ₦4,680,000. Nígbà tí o dá ₦300,000 padà, gbèsè níta di ₦5,500,000, àlàwọ́ǹsì náà sì di ₦820,000. Yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: ₦4,680,000 náà ni. Kò sí ohun tó wú.

Nígbà tí o wá kọ owó, gbèsè níta padà sí ₦5,200,000, àlàwọ́ǹsì dúró sí ₦820,000, ohun tí ẹ ń retí di ₦4,380,000. ₦300,000 tó dín níbẹ̀ ló ti wọ báńkì.

Ìbéèrè: Ó ní òun máa san ₦180,000 tó kù ní oṣù kẹfà. Ṣé kí n kúkú dá gbogbo ₦480,000 padà?

Ìdáhùn: Ibi tí mo ti rí i pé àwa akọ̀wé owó máa ń ṣàṣejù nìyí. Ẹni tó ti sá lọ tẹ́lẹ̀ ló ń ṣèlérí yìí. Iye tó wọlé ni kí o dá padà, àyàfi bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé èyí tó kù ń bọ̀ lóòótọ́: bóyá ó fi nǹkan dúró, tàbí ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fọwọ́ sí i fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Bí o bá dá gbogbo rẹ̀ padà tí oṣù kẹfà sì kọjá, wàá tún máa pa ₦180,000 kan náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá san án lóòótọ́, wàá tún ìgbésẹ̀ méjèèjì ṣe lọ́jọ́ náà. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ṣùgbọ́n kí ₦180,000 náà má sọnù o. Pípa gbèsè rẹ́ nínú ìwé kì í ṣe ìdáríjì. Inú ìwé tiyín nìkan ló ti kú, ọkùnrin náà ṣì jẹ yín. Ní ìwé kan lọ́tọ̀ tí o ń kọ àwọn gbèsè tí ẹ ti pa rẹ́ sí: orúkọ, ọjọ́ tí ẹ pa á rẹ́, iye, èyí tó ti wọlé, èyí tó kù. Kọ ọjọ́ ìsanwó náà dáadáa sínú rẹ̀, kí o sì tọ́jú ẹ̀rí báńkì. Ní Èkó, ọdún 6 ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ gbèsè ọjà báyìí. Bí onígbèsè bá san díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọdún náà tó pé, kíkà ọdún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láti ọjọ́ tó san. Owó ọjọ́ 18 oṣù kẹta yẹn kì í ṣe ₦300,000 lásán, ó tún lè wúlò fún lọ́yà yín.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ sí owó títà. Ó ní èrè ni, ẹ̀bùn tí a ò retí.

Ìdáhùn: Mo mọ ìdùnnú tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí páànù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lẹ ti kọ títà rẹ̀. Tí o bá tún kọ ọ́, ẹ ti ta páànù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí ọjà tó kúrò nílẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá wà lára àwọn tó ń san owó-orí ọjà fún ìjọba, wọ́n lè ka 7.5% lé títà tí kò ṣẹlẹ̀ yìí lórí: ₦22,500 lórí ₦300,000, lórí ọjà tí ẹ ti san tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èrè tí ọ̀gá ń wá kò sọnù. Ìparí ọdún ló máa fara hàn. Ká ní ní oṣù kejìlá 2025 ẹ fojú bu gbèsè tó wà níta, ẹ rí i pé àlàwọ́ǹsì tó yẹ jẹ́ ₦560,000, àti pé ẹ kò pa gbèsè mìíràn rẹ́ láàárín ọdún. Ká ní ọkùnrin náà kò san, ₦520,000 lẹ máa bá nílẹ̀, ẹ ó sì fi ₦40,000 kún un bí ìnáwó. Ṣùgbọ́n ₦820,000 lẹ bá nílẹ̀. Ó ti pọ̀ jù, ẹ ó sì dá ₦260,000 padà sínú èrè. Kúrò ní ìnáwó ₦40,000 dé èrè ₦260,000, ₦300,000 géérégé nìyẹn. Tí ọ̀gá bá bi ọ́ níbi tí owó rẹ̀ wọlé sí, ìlà yẹn ni kí o fi hàn án. Bí ẹ bá sì ti yọ gbèsè náà kúrò nínú èrè tí ẹ san owó-orí lé lórí nígbà tó kú, èyí tó padà wọlé máa wà nínú èrè ọdún tó wọlé.

Ìbéèrè: Ṣọ́ọ̀bù àbúrò ọ̀gá mi kò ní àlàwọ́ǹsì kankan. Ṣé bákan náà ni?

Ìdáhùn: Ìgbésẹ̀ méjì náà ni, ọ̀nà kírẹ́dìtì àkọ́kọ́ ló yàtọ̀. Àwọn tí kò ní àlàwọ́ǹsì, ọjọ́ tí gbèsè kú gan-an ni wọ́n kà á sí ìnáwó. Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, kò sí àlàwọ́ǹsì tí wọ́n máa kọ ọ́ sí, torí náà wọ́n á kọ ọ́ sí àkáǹtì owó-wíwọlé kan tí wọ́n pè ní gbèsè òkú tó padà wá, èrè náà á sì hàn lójú ẹsẹ̀. Owó ní báńkì kò yàtọ̀. Kí o tó kọ ohunkóhun, ṣí ìwé padà sí ọjọ́ tí gbèsè náà kú, kí o wo ibi tí dẹ́bíìtì lọ. Bí ó bá jẹ́ àlàwọ́ǹsì ni, ibẹ̀ ni kírẹ́dìtì máa padà sí. Bí ó bá sì jẹ́ ìnáwó ni, owó-wíwọlé lo máa kọ ọ́ sí.