Ímeèlì sí ẹni tí ò mọ̀ wá rí: kí ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣí i, kí ló ń jẹ́ kí wọ́n fèsì?

Bọ̀dá, wọ́n ní Gmail ti ń dá ímeèlì àwọn oníṣòwò padà. Ṣé tiwa náà wà ńbẹ̀?

Rárá jàre. Ìròyìn àtijọ́ ni, àwọn kan ló tún jí i dìde lórí Wásáàpù. Oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail àti Yahoo bẹ̀rẹ̀ òfin yẹn, àwọn tó sì mú jù ni àwọn tó ń fi ímeèlì bíi 5,000 ránṣẹ́ sáwọn oní-Gmail lóòjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sọ́jà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ níbí, tẹ́ ẹ kọ ímeèlì mẹ́ta láti àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fèsì, Gmail kọ́ ló ṣe yín. Èyí tó kàn yín ńbẹ̀ ò ju pé báwọn tó ń gba lẹ́tà yín bá ń tẹ bọ́tìnì Spam lé e lórí, tó bá yá èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn míì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú Spam.

Kí ló wá dé tí wọn kì í fèsì?

Wọn ò ṣí i ni. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ wo bí ímeèlì ṣe máa ń tò síbẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ló wà lókè, àkòrí tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún sí méje péré ló sì máa hàn níbẹ̀ kí fóònù tó gé e. Lábẹ́ àkòrí, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kan tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ibi tíyẹn ti ń wá, inú lẹ́tà yín gan-an ni, ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ ni fóònù ń bù síbẹ̀. Ohun mẹ́ta yẹn lọ̀gá tó ní ọgọ́ta ímeèlì láàárọ̀ máa rí, àtàǹpàkò ló sì fi ń yí i lọ.

Ìyá kan tó ń yan ẹja lọ́dọ̀ wa níbí, ọmọ rẹ̀ bá a kọ̀wé sí mánéjà tó ń rajà fún ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Lẹ́kí. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi ká lè wò ó bí mánéjà ṣe rí i. Ohun tó hàn rèé:

> Lẹ́tà ìbáṣòwò
> Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o mà, mo lérò pé lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà àti ìlera pípé…

Ẹja ò sí ńbẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ò sí ńbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ẹja àti ẹni tó fẹ́ pín mílíọ̀nù dọ́là tí ọ̀gágun kan fi sílẹ̀ kó tó kú, bákan náà ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Àti pé ọjọ́ mẹ́ta wo gan-an, nígbà wo lẹ ti rí ara yín rí?

Ṣé ká má kí èèyàn mọ́ ni? Àwa kì í ṣe Òyìnbó o.

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹ má fi mí sun àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, tẹ́ ẹ bá débi tí ìyá ẹlẹ́ja ti ń wọn ẹja lọ́wọ́, tí oníbàárà mẹ́rin dúró lórí ẹ̀, ṣé ẹ máa kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ máa béèrè bàbá, béèrè ọmọ, béèrè ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀ẹ́ ní "ẹ kú ọjà mà", ẹ̀ẹ́ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá, tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀ lẹ máa wá béèrè àwọn ọmọ. Ìkíni kúkurú ló wà níwájú, èyí tó gùn wà lẹ́yìn, ohun tá a ti ń ṣe látayébáyé nìyẹn. Nínú ímeèlì, "Ẹ kú iṣẹ́ mà" ti tó, kí ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Àdúrà àti ìkíni yòókù, ẹ kó o sísàlẹ̀ lókè orúkọ yín, ẹni tó bá kà débẹ̀ á dúpẹ́.

Kí la wá máa kọ gan-an?

Èyí tá a tún kọ fún ìyá yẹn rèé. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ síbí, tó bá jẹ́ Òyìnbó lẹ fẹ́ fi kọ ọ́, bó ṣe máa tò náà nìyẹn.

> Ẹja gbígbẹ 40 kílò lọ́sẹ̀, láti Ẹ̀pẹ́
> Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo rí ẹ̀fọ́ ẹlẹ́ja gbígbẹ nínú mẹ́nù yín. Tiwa gbẹ dé inú, kì í bu.

Ẹja ló ṣáájú nínú àkòrí torí pé ìparí ni fóònù máa ń gé, tó bá gé "Ẹ̀pẹ́" kúrò, ọjà ṣì wà níbẹ̀. Ogójì kílò yẹn ń sọ fún mánéjà pé a lè kájú ilé ìdáná ńlá, ẹ má sì bù mọ́ ọn o, ohun tí àdìrò ìyá náà ń gbé jáde lọ́sẹ̀ la kọ. Ìlà àkọ́kọ́ wá fi hàn pé a wo mẹ́nù wọn, ó sì fọwọ́ kan ohun tó ń dun ẹni tó ń ra ẹja gbígbẹ, ìyẹn ẹja tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ tí inú rẹ̀ ṣì tutù, tó máa bu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi èyí dán ìlà yín wò: tẹ́ ẹ bá lè fi ránṣẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì míì láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, kò tíì dáa.

Lẹ́yìn ìlà méjì sí i, ìbéèrè kan ṣoṣo la fi parí ẹ̀: "Ṣé kí n gbé kílò kan wá lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kí kúùkù yín tọ́ ọ wò?" Èèyàn lè fi "ó dáa" fèsì síyẹn nígbà tó wà nínú gó-sílóò. "Mo ń retí èsì rere yín" tó wà nínú ti tẹ́lẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi dáhùn ẹ̀?

Hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin la kọ ọ́ sí, a yí ìlà àkọ́kọ́ padà fún ìkọ̀ọ̀kan. Méjì ò sọ nǹkan kan, ọ̀kan ní àwọn ti lẹ́ni tó ń kó ẹja fáwọn, ti Lẹ́kí yẹn ní ká máa bọ̀ lỌ́jọ́bọ̀.

Àkòrí oní lẹ́tà ńlá ńkọ́, bíi "KÍÁKÍÁ! PÀTÀKÌ!"?

Àwọn oní-419 ti lò ó gbó.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi Re: síwájú àkòrí, pé wọ́n á rò pé a ti jọ ń sọ̀rọ̀ bọ̀.

Wọ́n á ṣí i lóòótọ́. Wọ́n á wá wo ìsàlẹ̀, wọn ò ní bá ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ lẹ fi wọlé, bọ́tìnì Spam ò sì jìnnà sọ́wọ́ wọn. Gmail fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé kéèyàn má ṣe é àyàfi tó bá jẹ́ èsì gidi. Tó bá sì jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ ń kọ̀wé ọjà sí, òfin wọn ti ọdún 2003 ò gba àkòrí tó ń tanni.

Bí wọn ò bá fèsì, ọjọ́ mélòó ni kí n dúró?

Bí ọ̀sẹ̀ kan. Orí lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ti tẹ èsì, Re: tó máa jáde níbẹ̀ kì í ṣe irọ́, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan tuntun kan sí i, bíi fọ́tò ẹja tó jáde láàárọ̀ yẹn. "Ṣé ẹ rí lẹ́tà mi?" nìkan ò wúlò. Ẹ̀ẹ̀kan sí i bẹ́ẹ̀, ó tó.

Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ pè mí lọ́mọ Yahoo.

Ẹ̀rù yẹn ò burú, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ẹ má so fáìlì mọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ má dárúkọ àkáǹtì, ẹ kọ orúkọ yín pé, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Ẹ sì wo àdírẹ́sì ímeèlì yín fúnra ẹ̀. Èyí tí ọmọ ìyá yẹn fẹ́ lò, ìgbà tó wà ní JSS 2 ló ti ṣí i, "badboy" ló fi bẹ̀rẹ̀, a ní láti ṣí tuntun lórúkọ ìyá. Kí mánéjà Lẹ́kí tó fèsì, ó kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Ìyá ló gbé e, ẹnì kan ń ná ẹja lẹ́yìn ẹ̀ tariwo-tariwo, ó ní kí mánéjà dákun dúró ná, òun ń ṣẹ́ńjì owó lọ́wọ́.