Kókó Ìdí Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀

Kókó ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni gọngọ egungun tó máa ń yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀, níbi oríkèé tí àtàǹpàkò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé egungun tuntun ló hù síbẹ̀, ṣùgbọ́n orí egungun gígùn tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò ló sábà máa ń yà kúrò ní ipò rẹ̀, tó sì ń ti awọ ara síta.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Egungun gígùn yìí á máa yà sí ìhà ẹsẹ̀ kejì, àtàǹpàkò á sì máa tẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ìka yòókù. Bí ó bá ti tẹ̀, àwọn iṣan tó ń ká a àti èyí tó ń nà án kò ní gba àárín oríkèé mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n á máa gbà, wọ́n á sì máa fà á bí ọsán ṣe ń fa igi ọrun. Ìdí nìyí tí ìrìn lásán fi lè mú kí ó burú sí i, tí ọ̀pá ìdè tí àgbàlagbà ń so mọ́ ọn lóru kò sì fi lè tọ́ ọ padà títí lọ.

A máa ń jogún irú ẹsẹ̀ tó ń ní in, ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti onígìgísẹ̀ gíga máa ń dá kún un, àmọ́ àwọn tí kò wọ irú rẹ̀ rí náà ń ní in.

Orí ìdúró ni wọ́n ti ń ya fọ́tò ẹ́ksíréè rẹ̀, nítorí pé ìwúwo ara ló ń fi bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ tó hàn. Bí igun tó wà láàárín àtàǹpàkò àti egungun gígùn náà bá ti ju dìgírì 15 lọ, ó ti yà. Síbẹ̀, igun nìkan kọ́ ló ń pinnu iṣẹ́ abẹ. Ká ní ti obìnrin kan jẹ́ dìgírì 32, tó sì ń rìn láìsí ìrora nínú bàtà tó fẹ̀ níwájú, kò sí ìdí láti gé e, bó ti wù kí ó rí lójú. Ṣùgbọ́n bí ìrora kò bá jẹ́ kó rìn dáadáa lẹ́yìn oṣù mélòó kan tó ti fi irú bàtà bẹ́ẹ̀ àti tìmùtìmù sílíkónì gbìyànjú, tàbí tí ọmọ-ìka kejì ti ń gun orí àtàǹpàkò, iṣẹ́ abẹ tọ́ sí i. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dáadáa dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti ṣọ́ra gidigidi, torí pé ojú ọgbẹ́ lè má jinná.

Kì í ṣe gọngọ yẹn nìkan ni oníṣẹ́ abẹ máa ń fá dànù, nítorí pé egungun tó yà yóò ṣì wà níbẹ̀. Ó sábà máa ń gé egungun gígùn náà, á sún un wọlé, á sì fi skúrù dè é. Egungun ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó so pọ̀, bàtà ìtọ́jú líle sì ni aláìsàn sábà máa ń wọ̀ ní àkókò yìí. Wíwú ẹsẹ̀ lè ju oṣù mẹ́fà lọ. Oríkèé lè le, ìrora lè kọjá sí ìsàlẹ̀ ọmọ-ìka kejì, kókó náà sì lè padà wá.