Háṣítáàgì Márùn-ún fún Kéèkì Tí Kò Lè Jìnnà sí Ìbàdàn

Ẹni tó ń ta àdìrẹ lè fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, kó sì dé bó ṣe yẹ. Kéèkì alájà méjì tí wọ́n fi bọ́tà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kò lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e láti Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ́sàn-án gangan, inú ọkọ̀ ni bọ́tà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò, kí a tó dá háṣítáàgì kankan, pé: ibo ni ọjà yín lè dé láìbàjẹ́, tí owó ọkọ̀ kò sì ní jẹ èrè yín tán?

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ṣe kéèkì ní Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbé àwòrán kéèkì ọjọ́ ìbí kan sórí Instagram, ó sì kọ èyí sábẹ́ rẹ̀: #cake #birthday #love #instagood #lagosvendors. Àwọn èèyàn láti ìlú òkèèrè fi ọkàn pupa sí i. Ẹni tí yóò sanwó kò yọjú.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Àwòrán tó wà lábẹ́ #cake pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ, láti gbogbo ayé sì ni. Èyí tí ẹ gbé síbẹ̀ láàárọ̀, òmíràn á ti bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. #love àti #instagood kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kéèkì lẹ ń tà. #lagosvendors ló burú jù nínú wọn, nítorí ó lè mú oníbàárà wá lóòótọ́, àmọ́ oníbàárà tó wà ní Súrùlérè ni. Ẹ ó fi odidi ọ̀sán ṣàlàyé fún un ìdí tí ẹ kò fi lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nǹkan ti yí padà lórí Instagram pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbọ̀n háṣítáàgì ni wọ́n gbà láàyè lábẹ́ àwòrán kan, àwọn oníṣòwò a sì kó gbogbo rẹ̀ dà síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n mú ààyè títẹ̀lé háṣítáàgì kúrò. Ní ìparí ọdún 2025, wọ́n kéde pé márùn-ún péré ni pósítì kan lè ní. Adam Mosseri, olórí Instagram, ti sọ ọ́ ní gbangba pé háṣítáàgì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí èrò púpọ̀ sí i rí pósítì. Iṣẹ́ tó kù fún háṣítáàgì ni pé kó fi ọjà yín hàn ẹni tó ń wá irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wá kéèkì n'Ìbàdàn ni kí ẹ máa rò bí ẹ bá ń yan márùn-ún yín.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa tẹ̀? Àwọn tó ń ṣe kéèkì fẹ́ràn #ibadanbaker gan-an. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí i wò, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé àwọn akẹgbẹ́ yín ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun àti agolo ìyankéèkì fún wọn. Ìyá ọmọ tó fẹ́ ṣọjọ́ ìbí kò ronú nípa iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Kéèkì ló ń rò, ìlú ló sì máa fi kún un. Èmi á fi #ibadancakes àti #cakesinibadan ṣáájú. Ẹ̀kẹta lè jẹ́ ti ìnáwó, bíi #ibadanevents, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣètò àpèjẹ máa ń wò. Ẹ̀kẹrin ni irú kéèkì náà, #buttercreamcake. Èyí gbòòrò, ó sì tó. Ẹ fi ẹ̀karùn-ún sílẹ̀ fún àdúgbò.

Ibi àdúgbò gan-an ni ọ̀fìn wà. #bodija kò ní wàhálà, nítorí Ìbàdàn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ #challenge nítorí pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Challenge n'Ìbàdàn, àárín àwọn tó ń jó ìjó ìdíje kárí ayé ló ju kéèkì rẹ̀ sí. Ẹni tó fẹ́ ta fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tó wá kọ #ui, yóò bá àwọn tó ń ya ojú-ìwé áàpù pàdé. #sango tún wá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: Sángo Ìbàdàn wà, Sángo Ọ̀tà wà, Ṣàngó fúnra rẹ̀ wà, àwọn olùfọkànsìn rẹ̀ ní Bùràsíìlì àti Kúbà kò sì wá kéèkì wá. Ẹ so orúkọ ìlú mọ́ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀: #challengeibadan, #sangoibadan. Ẹ má fi àlàfo tàbí dáàṣì sáàárín, torí ibi tí àlàfo tàbí dáàṣì bá bọ́ sí ni háṣítáàgì ń parí. #ibadan-cakes á di #ibadan lásán. Àmì ohùn náà, ẹ yọ ọ́ kúrò níbí. Inú mi kò dùn láti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ni àwọn tó ń fi àmì ohùn wá ọjà.

Kí ẹ tó lo èyíkéyìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ibi ìwákiri, kí ẹ wo àwòrán mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Ṣé kéèkì ni? Ṣé Ìbàdàn ni? Ṣé wọ́n ṣì ń gbé tuntun síbẹ̀ lóṣù yìí? Bí ìdáhùn méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ rárá, ẹ wá òmíràn.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé orúkọ ìlú yóò dín èrò kù. Ẹ wo ọmọ tó wà ní Houston, tí ìyá rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún. Òun ni yóò sanwó, nílé ìyá ni kéèkì yóò sì dé. Kò ní tẹ #cake láéláé. Ìbàdàn ni yóò tẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà. Háṣítáàgì ìlú tó dà bíi pé ó kéré yìí ló lè mú owó òkèèrè wálé, tí #cake kò sì lè mú un wá.

Ẹ kọ gbólóhùn gidi sínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán pẹ̀lú, nítorí ìwákiri ń ka ìyẹn náà: "Kéèkì ọjọ́ ìbí, Àkóbọ̀, Ibadan. A ń gbé e dé Bódìjà, Mọ́kọ́lá àti Agodi. Ẹ pè wá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú." Ẹ tẹ Add location, kí ẹ yan Ìbàdàn. Kí ẹ sì rí i pé ojú-ìwé yín kì í ṣe èyí tí ẹ tì pa. Bó bá wà ní ìkọ̀kọ̀, àlejò kankan kò ní rí i lábẹ́ háṣítáàgì, bó ti wù kó dára tó.

Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má ka ọkàn pupa. Bí ojú-ìwé yín bá jẹ́ ti oníṣòwò, Insights yóò fi àwọn ìlú tí àwọn tó ń wò yín wà hàn yín. Bí Ìbàdàn kò bá gòkè níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ pààrọ̀ ẹyọ kan nínú márààrún. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ bi í níbo ló ti rí yín àti àdúgbò wo ló fẹ́ ká gbé e lọ, kí ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé kan náà tí ẹ ń kọ owó sí.