Orílẹ̀-èdè tó mọ nǹkan méjèèjì ṣe jù, kí ló tún fẹ́ rà?

Ibi tí kọ́mpárátíìfù ádífáńtéèjì, ìyẹn pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbájú mọ́ ohun tí kò ní torí ẹ̀ pàdánù nǹkan míì púpọ̀, kó sì fi ra ìyókù, ti máa ń rú èèyàn lójú nìyí: tí orílẹ̀-èdè kan bá mọ gbogbo nǹkan ṣe ju èkejì lọ, kí ló wá fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹ̀? Àpẹẹrẹ tí Dáfídì Ríkádò, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Íńgílándì, lò lọ́dún 1817 ni mo máa lò, torí kò sí èyí tó yé mi tó o.

Ó mú aṣọ àti wáìnì. Ní Íńgílándì, èèyàn 100 ló máa fi ọdún kan ṣe ẹrù aṣọ kan, wáìnì ń gba èèyàn 120. Ní Pọ́túgà, ẹrù aṣọ yẹn kan náà ń gba 90, wáìnì 80 péré. Ṣẹ́ ẹ rí i pé Pọ́túgà ló mọ méjèèjì ṣe jù, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kó yáa máa ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Àmọ́ èèyàn tẹ́ ẹ kó sídìí aṣọ ò lè sí nídìí wáìnì lẹ́ẹ̀kan náà, wáìnì tí wọn ò rí ṣe yẹn gan-an ni owó aṣọ. Èèyàn 90 tó ń ṣe aṣọ ní Pọ́túgà, tẹ́ ẹ bá kó wọn lọ sídìí wáìnì, wọ́n á ṣe ẹrù kan, á tún ṣẹ́ kù. Èèyàn 100 ti Íńgílándì ní tiwọn ò lè ṣe ẹrù wáìnì kan pé, torí 120 ló ń gbà. Aṣọ wọ́n Pọ́túgà ju bó ṣe wọ́n Íńgílándì lọ nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ Pọ́túgà ló yá jù.

Ó yá, kí wọ́n máa fi ẹrù kan gba ẹrù kan. Pọ́túgà ṣe wáìnì méjì, èèyàn 160, ó fi ọ̀kan gba aṣọ. Tó bá dá ṣe méjèèjì ni, 170 ni ì bá ná an, iṣẹ́ èèyàn 10 ló ṣẹ́ kù fún un nìyẹn. Íńgílándì ṣe aṣọ méjì, èèyàn 200 dípò 220, iṣẹ́ èèyàn 20 ló ṣẹ́ kù fún òun. Aṣọ ò dín, wáìnì ò dín.

Ẹ kíyè sí i pé èrè yẹn ò dọ́gba o, iye tí wọ́n bá ṣe pàṣípààrọ̀ ló ń pín in. Tí Íńgílándì bá ní wáìnì kan àti ààbọ̀ lòun máa gbà fún ẹrù aṣọ kan, Pọ́túgà á padà sídìí aṣọ tiẹ̀ ni. Owó ọkọ̀ ojú omi náà wà níbẹ̀, tí gbígbé ẹrù lọ gbé ẹrù bọ̀ bá ń jẹ Pọ́túgà ju iṣẹ́ èèyàn 10 lọ, kò sí èrè kankan fún un mọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ìṣirò yìí gbà pé àwọn tó ń ṣe wáìnì ní Íńgílándì máa mọ aṣọ hun lọ́jọ́ kejì. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Orílẹ̀-èdè lápapọ̀ jèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn gidi niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, èrè ọ̀hún ò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá dìídì yọ fún un nínú ẹ̀.